Kí ló dé tí Mac fi ń béèrè kí áàpù tó wọ Documents?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́bàá géètì FUTA níbí l'Ákùúrẹ́. Mo ra MacBook tokunbọ̀ lóṣù tó kọjá, mo gbé áàpù kan sí i tí í máa ń to PDF pọ̀. Bí mo ṣe ṣí i ni àpótí kan yọ lójú ẹ̀rọ pé ó fẹ́ wọ fódà Documents mi. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ Don't Allow. Láti ìgbà yẹn, kò rí iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà níbẹ̀. Ṣé ẹni tó tà á fún mi ló ń yọjú wò mí ni? Tèmi sì ni kọ̀ǹpútà, kí ló tún ń béèrè lọ́wọ́ mi?”

Ìdáhùn: Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àpótí tí ẹ rí yẹn kò ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín wá, kò sì ti ọ̀dọ̀ áàpù náà wá. Mac fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé orúkọ áàpù ló ṣáájú nínú gbólóhùn ibẹ̀, “would like to access files in your Documents folder” wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kà á á rò pé áàpù ló ń tọrọ nǹkan. Áàpù ò sọ nǹkan kan. Ó kàn nawọ́ sí fódà ni, bó ṣe máa ń nawọ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, Mac bá gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kó dúró ná, ó wá bi yín. Olè tó bá fẹ́ yọjú wo yín ò ní ránṣẹ́ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tokunbọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, màá dé ibẹ̀ tó bá yá.

Bí ẹ bá rán ọmọ iṣẹ́ yín lọ sí Ọjà Ọba kó ra pépà, tó dé ṣọ́ọ̀bù tó ní “ìyá ló rán mi”, wọ́n á kó pépà fún un. Bó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì tó tún ní “ìyá ló rán mi, ẹ bá mi kó ìǹkì mẹ́ta”, wọ́n á tún kó o fún un. Orúkọ yín ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ètò àṣẹ tí Mac jogún bá ti wá láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí Adé má baà ka ìwé Olú. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n bi ni “ta ni?”, kì í béèrè pé “kí lo wá ṣe?” Áàpù yòówù tí ẹ bá sì ṣí, orúkọ yín ló gbé dání. Áàpù ìṣirò, géèmù, áàpù tó ń to PDF pọ̀, gbogbo wọn ló ń sọ pé ìyá ló rán àwọn, gbogbo wọn ló sì lè ka ohun gbogbo tí ẹ̀yin náà lè kà. Torí náà, pé tiyín ni kọ̀ǹpútà kò dáàbò bò yín lọ́wọ́ áàpù. Òun gan-an ni áàpù fi ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ hàn yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn kan já wọ ibi tí wọ́n ti ń pín áàpù kan tó ń jẹ́ Transmission, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń fa fáìlì ńlá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yọ ojúlówó kúrò, wọ́n fi èyí tí wọ́n ti ki májèlé sí nínú rọ́pò rẹ̀. KeRanger ni wọ́n ń pe májèlé náà. Ó ní ìwé ẹ̀rí tí Mac gbà, nítorí náà Mac kò dá a dúró nígbà tí àwọn ènìyàn ṣí i. Ó lúgọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn onífáìlì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò ní, ó ní kí wọ́n san bítíkọ́ìnì kan, ìyẹn nǹkan bí 400 dọ́là nígbà náà, kó tó ṣí i. Kò jí páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni, kò sì fọ́ ìlẹ̀kùn kankan. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí áàpù, áàpù sì wọlé lórúkọ rẹ̀.

Irú nǹkan wọ̀nyí ló mú kí Apple fi ìbéèrè kejì kún ti àtijọ́. Ní ọdún 2018, nínú ẹ̀yà ètò Mac tí wọ́n pè ní Mojave, wọ́n fi í ṣọ́ kámẹ́rà, ohùn àti ibi tí ímeèlì wà. Nígbà tí ẹ̀yà tó tẹ̀ lé e, Catalina, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n na ọwọ́ rẹ̀ dé Desktop, Documents, Downloads, iCloud Drive, àti háàdì tàbí fíláàṣì tí ẹ bá kì bọ ẹ̀rọ. TCC ni àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Ibi tí àwa ènìyàn máa ń da ẹrù wa sí ni wọ́n yàn láti ṣọ́, wọn ò ṣọ́ gbogbo ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀: bí ẹ bá ṣẹ̀dá fódà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Documents, tí kì í ṣe inú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Áàpù á wọlé, ẹ ò ní rí àpótí kankan. Mo ti rí ẹni tó kó ìwé pàtàkì kúrò nínú Documents lọ síbẹ̀ nítorí pé àpótí ń sú u. Ìta ló gbé e sí.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an. Mac kì í béèrè nígbà tí ẹ̀yin bá fi ọwọ́ ara yín fi fáìlì lé áàpù lọ́wọ́. Ìgbà tí áàpù bá fẹ́ lọ mú un fúnra rẹ̀ nìkan ló ń béèrè. Ká ní ọmọ FUTA kan mú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, orí kìíní dé orí karùn-ún, PDF márùn-ún, ẹ sì ti kó wọn sínú Documents. Ẹ ṣí áàpù yín, ẹ lọ sí File lókè, ẹ tẹ Open, ẹ yan márààrún, ẹ tẹ Open. Ó máa ṣí wọn, bẹ́ẹ̀ Don't Allow tí ẹ tẹ̀ lọ́jọ́sí ṣì wà níbẹ̀ láìyí padà. Ìdí ni pé fèrèsé tí ẹ ti yan fáìlì yẹn kì í ṣe ti áàpù, ti Mac ni. Mac rí i pé ìka yín ló tọ́ka sí fáìlì márùn-ún yẹn, ó bá fún áàpù ní márùn-ún náà, kò fún un ní fódà. Bákan náà ni bí ẹ bá wọ́ fáìlì láti Finder tí ẹ jù ú sórí áàpù, tàbí tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fún irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, mo rò pé bí ẹ ṣe kọ̀ fún un yẹn dára, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Áàpù tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ fódà wò fúnra rẹ̀, bí èyí tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tàbí èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ìwé yín, nìkan ló nílò Allow ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n kíkọ̀ náà ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni Mac máa ń bèèrè. Bí ẹ bá ti kọ̀, kò ní béèrè mọ́, áàpù náà á sì máa nawọ́ sí fódà lójoojúmọ́, á máa bá a lófìfo. Àwọn áàpù mìíràn á pariwo. Àwọn mìíràn á kàn ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Akọ̀wé agbẹjọ́rò kan ní ìlú Oǹdó gbé Mac rẹ̀ wá bá mi, omi ti dà sí i, ẹ̀rọ náà kò tàn mọ́. Ó ní kò burú, òun ní háàdì tí áàpù kan ń da ẹ̀dà gbogbo nǹkan sí lálaalẹ́. A ki háàdì bọ ẹ̀rọ mìíràn. Fódà Desktop wà níbẹ̀, ó kún. Fódà Documents náà wà níbẹ̀, a tẹ̀ ẹ́, kò sí fáìlì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé háàdì ló bàjẹ́. Ìgbà tí mo bi í léèrè dáadáa ló rántí pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ ṣí áàpù náà, àpótí yọ, òun tẹ OK, òmíràn tún yọ, ó ti sú òun, òun bá tẹ Don't Allow. Ọ̀tọ̀ ni Mac ń béèrè fún fódà kọ̀ọ̀kan: èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Desktop, èkejì jẹ́ ti Documents. Ní gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e, áàpù ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé iṣẹ́ ti parí. A padà rí díẹ̀ nínú ìwé náà nínú ímeèlì tó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Ìyókù lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní áàpù tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́. Ẹ tẹ fódà Documents yín lẹ́ẹ̀kan nínú Finder, ẹ di Command mú, ẹ tẹ I. Fèrèsé kékeré kan á yọ, á sọ bí fódà náà ṣe tóbi tó àti iye nǹkan tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó wà lórí háàdì náà. Bí méjèèjì kò bá jọra, tàbí tí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó lọ.

Ibi tí ẹ ó lọ náà nìyí. Ẹ ṣí System Settings, ẹ wọ Privacy & Security, lẹ́yìn náà Files and Folders, tàbí Files & Folders lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Bí Mac yín kò bá tí ì dé Ventura ti ọdún 2022, System Preferences ni yóò jẹ́, Security & Privacy, lábẹ́ Privacy. Ẹ ó bá orúkọ áàpù níbẹ̀, pẹ̀lú fódà kọ̀ọ̀kan tó ti béèrè rí lábẹ́ rẹ̀ àti bọ́tìnì tí ẹ lè tàn tàbí kí ẹ pa. Áàpù tí kò tí ì nawọ́ sí fódà rí kò ní sí níbẹ̀, ẹ ò sì lè fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá tan bọ́tìnì náà, ẹ pa áàpù náà pátápátá kí ẹ tó tún un ṣí, nítorí èyí tó ti wà ní ṣíṣí lè má mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí Mac gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ ti sọ nípa Documents, kó máa bi yín lọ́tun nípa áàpù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí Terminal, áàpù tí a fi ń kọ àṣẹ sí Mac, ẹ kọ èyí sí i:

```
tccutil reset SystemPolicyDocumentsFolder
```

Ti Desktop ni SystemPolicyDesktopFolder.

Mo mẹ́nu kan Terminal, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan á sọ fún yín lọ́la pé ẹ lo sudo, àṣẹ tó ń sọ yín di ọ̀gá àgbà kọ̀ǹpútà, tàbí pé ẹ fi chmod, àṣẹ tó ń yí ẹni tó lè wọ fódà padà, ṣí fódà sílẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ó máa rí ni “Operation not permitted”. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, torí ó yàtọ̀ sí “Permission denied”. “Permission denied” ni ètò àtijọ́ máa ń sọ, èyí tó ń béèrè pé ta ni, sudo sì lè borí ìyẹn. Ṣùgbọ́n “Operation not permitted” lórí Documents yín, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, TCC ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ọ̀gá àgbà kọ̀ǹpútà pàápàá kò lè fi agbára wọlé. Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn tó ń kọ kóòdù lẹ́nu: gbogbo ohun tí ẹ bá ṣí láti inú Terminal, orúkọ Terminal ni Mac fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá tẹ Allow fún Terminal lẹ́ẹ̀kan nítorí iṣẹ́ kékeré kan, kóòdù yòówù tí ẹ bá rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ti ní ìwé ìwọlé náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ “ìyá ló rán mi” tún ti padà dé.

Àwọn mìíràn á ní kí ẹ wọ Full Disk Access, kí ẹ fi áàpù síbẹ̀, kí wàhálà parí. Wàhálà á parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fún un kì í ṣe Documents nìkan mọ́. Ímeèlì, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá àwọn ènìyàn sọ nínú Messages, ibi tí ẹ ti lọ nínú Safari, gbogbo rẹ̀ ni. Fún áàpù tó ń to PDF pọ̀? Rárá o. Mo máa ń fún áàpù ẹ̀dà ìpamọ́ ní i, àti Terminal tèmi nígbà tí mo bá ń tún ẹ̀rọ ṣe, mo sì máa ń pa ti Terminal bí mo bá ti parí.

Bí àpótí náà bá tún yọ, ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ nǹkan tó kan fódà náà ni, ìbéèrè náà bá ìgbà mu. Bó bá kàn yọ nígbà tí ẹ ń jẹun, tàbí tí áàpù tí kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ìwé ló ń béèrè, ẹ kọ̀ ọ́, kò ná yín ní nǹkan kan, torí ẹ ṣì lè fi Open fi fáìlì lé e lọ́wọ́. Nígbà mìíràn ẹ ó rí àlàyé kékeré lábẹ́ gbólóhùn náà tó ń sọ ìdí tí áàpù fi fẹ́ wọlé. Ẹni tó kọ áàpù ló kọ àlàyé yẹn, Mac kàn gbé e hàn ni. Ó lè kọ òtítọ́, ó lè kọ ohun tó wù ú. Bí ẹ bá sì ti tẹ Allow, Mac kò ní tẹ̀ lé e wọlé lọ wo ohun tó ń ṣe, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fún un ní fódà ọdún yìí kí ẹ fi ti ọdún tó kọjá dù ú: gbogbo Documents ni. Ní ọdún 2018, áàpù kan tó ń jẹ́ Adware Doctor wà lórí App Store fúnra rẹ̀, owó ni wọ́n fi ń rà á. Ó ní òun fẹ́ wọ fódà ilé àwọn ènìyàn láti gbá ìdọ̀tí jáde, wọ́n gbà fún un. Ó di ìtàn ibi tí wọ́n ti lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú fáìlì kan, ó fi ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Wọ́n béèrè kó tó wọlé o. Àwọn onílé ló sọ pé kó máa bọ̀.

Ó wá ku ti ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín. Ìdáhùn tí ẹnìkan bá fún Mac lórí Documents, inú orúkọ oníṣe rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ló ń wà. Bó bá jẹ́ pé ó kàn yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí tiyín tó sì fún yín ní páásíwọ́ọ̀dù, gbogbo Allow tó ti tẹ̀ sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo Files and Folders àti Full Disk Access dáadáa. Bí ẹ bá rí áàpù tí ẹ̀yin kò gbé síbẹ̀, tí bọ́tìnì rẹ̀ sì ń tàn, ẹ ti rí àpẹẹrẹ nìyẹn. Ẹ tún kọ “Device Management” tàbí “Profiles” sínú ibi ìwákiri nínú System Settings. Ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun, iléeṣẹ́ sì lè ti fi ìwé àṣẹ kan sórí rẹ̀ tó ń jẹ́ kí áàpù wọn wọ Documents láìsí pé àpótí kankan yọ. Àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó lè wọlé lọ́nà tí ó tọ́ láìbi yín. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ó dára. Bí ẹ bá rí orúkọ iléeṣẹ́ kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yọ ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tó tà á kí ó tó gbọ̀nà mìíràn lọ, torí bí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pàápàá, iléeṣẹ́ náà lè tún gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ padà bó bá ti kan íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àtijọ́ nìkan ni ìṣòro, ẹ kó iṣẹ́ àwọn ọmọ FUTA yín sórí háàdì, ẹ fi Command àti I kà wọ́n wò, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí General nínú System Settings, ẹ wọ Transfer or Reset, ẹ tẹ Erase All Content and Settings. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ̀rọ náà lè ti pẹ́ jù fún ìyẹn, ẹ gbé e wá, a ó pa á rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.